Ìgbà wo ni "myself" tọ̀nà nínú ọ́pṣọ̀n, ìgbà wo ni kò tọ̀nà?

"Ẹ káàsán mà, Àǹtí. Ìdánwò JAMB ni mò ń múra fún. Nínú ìbéèrè tí mo fi ń ṣe práktíìsì, wọ́n kọ ọ́ pé 'The principal invited my father and ___ to his office', wọ́n wá ní ká mú nínú I, me, myself àti mine. Mo mú myself torí me ń dún létí mi bíi pé kò ní ọ̀wọ̀, wọ́n ní mo ṣì í, pé me ni. Tíṣà wa ní léṣìn wá sọ pé tí mo bá ti rí and lẹ́gbẹ̀ẹ́ myself kí n yáa fi í sílẹ̀, pé kò lè jẹ́ òun láé. Ṣé òótọ́ ni? Themselves náà ń dààmú mi, wọ́n ní 'The two sisters hated themselves' kò dáa, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé fún mi mà."

Àbúrò mi, ohun tí tíṣà yín sọ yẹn kì í ṣe òótọ́, àmọ́ mo mọ ibi tó ti rí i. Nínú irú ìbéèrè tí ẹ fi ń ṣe práktíìsì, ọ̀pọ̀ ìgbà tí "myself" bá jókòó ti "and", páńpẹ́ ni wọ́n fi dẹ síbẹ̀, torí náà ẹni tó bá ń sá fún un á máa gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa rò pé òfin ni òun mú dání. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé gbólóhùn tí "myself" tọ̀nà sí lẹ́yìn "and" wá, máàkì yẹn lọ nìyẹn. "And" ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ohun tó ń sọ bóyá "myself" á dúró ni ẹni tó ń ṣe nǹkan tí ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn yẹn sọ, ìyẹn olùwà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, tí nǹkan tí mo ṣe sì tún padà wá bá èmi náà, "myself" wọlé. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣe é, kò wọlé, ì báà sí "and" níbẹ̀ tàbí kó má sí.

Kí n tó lọ síbi ìbéèrè ẹ, jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ méjì lórúkọ kan náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí nǹkan padà sórí ẹni tó ṣe é, bí "I cut myself", tí àwa ń pè ní mo gé ara mi. Iṣẹ́ kejì ni kí wọ́n fi tẹnu mọ́ ọn pé ẹni yìí gan-an ni, kì í ṣe ẹlòmíì, bí "I cooked it myself", tí àwa ń pè ní èmi fúnra mi ni mo sè é. O rí i pé Yorùbá ti bá ẹ yà wọ́n tẹ́lẹ̀, "ara mi" dá dúró, "fúnra mi" dá dúró, àmọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì "myself" ni méjèèjì. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé kí wọ́n bi ara wọn léèrè pé ṣé "ara mi" ni gbólóhùn yìí ń fẹ́ àbí "fúnra mi", tí kò bá fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, a jẹ́ pé "myself" ò níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Wá gbìyànjú ẹ̀ lórí ìbéèrè tìẹ yẹn. Ṣé o lè sọ pé ọ̀gá iléèwé pe bàbá mi àti ara mi sí ọ́fíìsì? Etí ẹ ti kọ̀ ọ́. Ó pe bàbá mi àti èmi ni wà á sọ. Ọ̀gá ló pè, ọ̀gá kọ́ ni wọ́n pè, kò sí nǹkan tó padà sórí ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni Yorùbá máa fi ẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Yorùbá ti jẹ́ kó o mọ̀ pé kì í ṣe "myself", kò ní sọ fún ẹ bóyá "I" ni tàbí "me", torí pé tó bá ti kan "àti", "èmi" kan náà la máa ń lò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe àti lẹ́yìn ẹ̀. Èmi àti bàbá mi lọ, ó pe èmi àti bàbá mi, kò sí ìyàtọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìyàtọ̀ wà, "I" ló ń wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, nípò olùwà, "me" ló ń wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó rọrùn jù láti fi mọ̀ ọ́n ni pé kó o yọ ẹnì kejì kúrò. Yọ "my father and" kúrò, ó kù "The principal invited ___ to his office". Kò sẹ́ni tó máa sọ pé "invited I". "Me" ni. Bàbá ẹ tí wọ́n kì sáàárín ló jẹ́ kí ojú ẹ ṣókùnkùn, ìdí tí ẹni tó ṣètò ìbéèrè fi fi bàbá síbẹ̀ sì nìyẹn, torí tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wọ́n pè, ọmọ jẹlé-ó-sinmi náà á gbà á.

Wá jẹ́ kí n fi ọ́pṣọ̀n kan náà hàn ẹ́ nínú gbólóhùn mẹ́ta, kó o lè rí i pé ọ́pṣọ̀n kọ́ ló yẹ kó o máa wò. Àkọ́kọ́ ni tìẹ, "The principal invited my father and ___", "me" ni, a ti rí ìdí ẹ̀. Èkejì, "My father and ___ were invited to the principal's office". Níbí, ibi tí olùwà ń gbé ni àlàfo yẹn wà, níwájú "were invited", yọ bàbá kúrò, ó kù "I was invited", nítorí náà "I" ni. Má jẹ́ kí "were" dà ẹ́ láàmú, torí pé ẹ̀yin méjì ni ló ṣe jẹ́ "were". Ẹ̀kẹta, "I introduced my father and ___ to the principal". Ta ló ń fi èèyàn hàn? Èmi ni. Àwọn wo ni mo fi hàn? Bàbá mi, àti èmi náà. Ohun tí mo ṣe padà wá bá mi. Mo fi bàbá mi àti ara mi han ọ̀gá, etí ẹ ò kọ ìyẹn. "Myself" nìkan ló tọ̀nà níbẹ̀, tó o bá mú "me" wọ́n á ní o ṣì í, "and" sì wà níbẹ̀ gbangba. Gbólóhùn kẹta yìí ni kó o fi dá tíṣà yín lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èyí tó o sọ pé "me" kò ní ọ̀wọ̀, ìwọ nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú iléèwé la ti kó o. Láti kékeré ni ọmọ ti máa ń sọ pé "Me and Tunde went out", tí tíṣà á pariwo mọ́ ọn pé "Tunde and I!", kì í sì í sábà ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Ohun tí ọmọ máa mú lọ sílé ni pé "me" jẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú tó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì. Tó bá wá dàgbà, ẹ̀rù "me" ń bà á, "I" náà kò sì dá a lójú, á wá sá sábẹ́ "myself" torí ó gùn, ó sì ń dún bíi ti ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni "Please contact the secretary or myself" ti ń jáde nínú lẹ́tà àti ìkéde kiri. Wò ó dáadáa, ta ló máa kàn sí èèyàn nínú gbólóhùn yẹn? Ìwọ tó ń ka lẹ́tà ni. Olùwà gbólóhùn àṣẹ fara pamọ́, àmọ́ "you" ni nígbà gbogbo, nítorí náà "-self" kan ṣoṣo tó lè padà sórí ẹ̀ ni "yourself" tàbí "yourselves". "Contact the secretary or me" ló pé, kò sì sí àrífín kankan nínú ẹ̀.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti mọ òfin yìí ti máa ń ṣubú ni ibi tí gbólóhùn bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì. Olùwà tí mò ń sọ yẹn, ti ọ̀rọ̀-ìṣe tó sún mọ́ àlàfo jù ni, kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Mú méjì yìí kó o gbé wọn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, "The boys who hurt ___ on the field were taken to the hospital" àti "The boys whose father beat ___ ran away from home". Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bákan náà, àwọn ọmọkùnrin náà la ń sọ nínú méjèèjì, ẹni tó bá ń kánjú á fi "themselves" sí méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo ni "hurt", ta ló "hurt"? "Who" ni, "who" yẹn sì ni àwọn ọmọ náà, wọ́n ṣe ara wọn léṣe, "themselves" tọ̀nà. Nínú ti èkejì, "beat" ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo, ta ló "beat"? Bàbá wọn. Bàbá kọ́ ni wọ́n nà, àwọn ọmọ ni, nítorí náà "them" ni, "themselves" kò lè wọ ibẹ̀. Yorùbá náà á bá ẹ jẹ́rìí, àwọn ọmọ tí bàbá wọn nà wọ́n la máa ń sọ, tó o bá sọ pé bàbá wọn na ara wọn, a jẹ́ pé bàbá ló gbé pankẹ́rẹ́ tó fi na ara ẹ̀ nìyẹn.

Irú ẹ̀ kan wà tí Yorùbá gan-an ló ń ti èèyàn sínú ẹ̀. "Sade said that the teacher was angry with ___", ọ́pṣọ̀n "her" àti "herself" wà níbẹ̀, Ṣadé náà sì ni tíṣà ń bínú sí. Àwa á ní Ṣadé sọ pé tíṣà ń bínú sí òun. "Òun" yẹn ń padà sọ́dọ̀ Ṣadé láìsí àríyànjiyàn, torí náà ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé "herself" ló yẹ kó gba ipò ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "òun" tirẹ̀. "-Self" Gẹ̀ẹ́sì kì í fo "that" kọjá lọ wá olówó ẹ̀ ní apá kejì gbólóhùn, inú awẹ́ gbólóhùn tó wà ló gbọ́dọ̀ ti rí i. Nínú awẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti "the teacher was angry", tíṣà ni olùwà, tó o bá fi "herself" síbẹ̀, a jẹ́ pé tíṣà ń bínú sí ara ẹ̀. "Her" ni wà á mú. Nígbà tó o bá rí "that", tàbí "who", "whose", "because", "when", ṣe bíi pé wọ́n fa ìlà síbẹ̀, kó o wá olùwà tó wà ní ìhà tí àlàfo wà.

Tí olùwà bá fara pamọ́ ńkọ́? "The chairman asked us to introduce ___". Kò sí olùwà tó hàn níwájú "introduce", àmọ́ bi ara ẹ pé ta ló fẹ́ fi èèyàn hàn, àwa tí wọ́n ní ká ṣe é ni, nítorí náà "ourselves". Tó bá jẹ́ "The chairman refused to introduce ___", tí àwa kò sí níbẹ̀ rárá, alága ló yẹ kó ṣe é tó kọ̀, "himself" nìyẹn. Ẹni tó máa ṣe nǹkan ọ̀hún ni kó o máa wá, kó o má kàn máa wo orúkọ tó sún mọ́ tòsí.

Ó yá, "themselves" àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kò fẹ́ràn ara wọn. Ibí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù, torí pé àṣìṣe yìí wà lẹ́nu àwa Yorùbá gan-an, kì í ṣe àìgbọ́n ẹnikẹ́ni. "Ara wọn" tiwa gba ìtumọ̀ méjì. Tí mo bá ní àwọn méjèèjì kórìíra ara wọn, ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Táíwò kórìíra Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé náà kórìíra Táíwò. Tí mo bá fẹ́ sọ pé kálukú ló kórìíra ara tiẹ̀, mo máa ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, oníkálukú kórìíra ara ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. "The two sisters hated themselves" túmọ̀ sí pé kálukú nínú wọn wo ara ẹ̀ nínú dígí, kò fẹ́ràn ohun tó rí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan kórìíra èkejì, tí èkejì náà kórìíra rẹ̀, "each other" ni. Nítorí náà gírámà gbólóhùn ẹ yẹn kò bàjẹ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kò bá ohun tó o fẹ́ sọ mu.

Báwo lo ṣe máa wá mọ èyí tí olùbéèrè ń fẹ́ nígbà tí kò sí lọ́kàn ẹ? Wo ìyókù gbólóhùn. Wọn kì í sábà fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀ ní kúkurú, wọ́n á fi ìrù sí i, bíi "The two sisters hated ___ so much that they could not live in the same house". Ẹni tó kórìíra ara ẹ̀ kò ní torí ìyẹn sá fún ilé tí àbúrò ẹ̀ ń gbé, nítorí náà ìrù yẹn ti sọ pé ìkórìíra àárín àwọn méjèèjì ni, "each other". Àmọ́ tó bá jẹ́ "The two sisters hated ___ for failing to save their mother", ìrù yẹn ti yí i padà, ẹ̀bi ara wọn ni kálukú ń dá, "themselves" ló bá a mu jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, àwọn èèyàn kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan sì wà tó jẹ́ pé èèyàn méjì tó dojú kọra ni wọ́n ń fẹ́, bíi "greet" àti "meet", "They greeted themselves" kò nítumọ̀, kò sẹ́ni tó ń kí ara ẹ̀ káàárọ̀, àmọ́ lójoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ torí pé wọ́n kí ara wọn la ní lọ́kàn.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa tí mi ò rí kí ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́nu bà, ọ̀wọ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo la ń bá sọ̀rọ̀, a pè é ní "ẹ", a ní "wọ́n", a ní Dádì fúnra wọn ló kọ́lé yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀ sà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀wọ̀ yẹn kò sí nínú arọ́pò orúkọ, inú "sir" àti "ma" ló parí sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "yourself" àti "yourselves" jẹ́ ti iye èèyàn nìkan, ẹnì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé "'Please help ___ to some more rice, sir,' my mother said to the chief", ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa á mú "yourselves", ọkàn ẹ̀ ò ní jẹ́ kó sọ "yourself" sí olóyè. Ka èèyàn tó wà níbẹ̀. Olóyè kan ni, "sir" kan ni, "yourself" ni. Dádì tó kọ́lé náà, "Daddy built this house himself".

Iṣẹ́ kejì wá kù, èyí tí í ṣe "fúnra". Òun ní tiẹ̀ kì í wá olùwà, orúkọ tó fẹ́ tẹnu mọ́ ló ń wá, ibikíbi tí orúkọ yẹn bá wà nínú gbólóhùn. Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n ni pé tó o bá yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn á ṣì pé. "I cooked the soup myself", yọ "myself", "I cooked the soup", ó pé. Àmọ́ "I introduced myself", yọ ọ́, "I introduced", gbólóhùn náà ò pé mọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tó ti há òfin olùwà sórí máa ń fi ba tibí jẹ́. Wo "I spoke to the governor ___, not to his secretary". Olùwà ni "I", ẹni tó ní òfin olùwà lórí á mú "myself" kíá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń fi wé sẹ́kítírì? Gómìnà ni. Gómìnà fúnra ẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀, "himself" ni. Yí ìrù ẹ̀ padà sí "I spoke to the governor ___, so I did not need a messenger", ẹni tí wọ́n ń fi wé ìránṣẹ́ báyìí ni èmi, mi ò rán èèyàn, èmi fúnra mi ni mo lọ, "myself" ni. Ibi tí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ nǹkan, ó sábà máa ń ní ẹlòmíì tí wọ́n fi ń ta ko ẹni náà, wá ẹni yẹn rí, wà á mọ orúkọ tí "-self" ń sìn.

Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé orúkọ tàbí arọ́pò orúkọ ló ń tẹ̀ lé, kò lè dá jókòó sípò olùwà láìsí ẹni tó ń tẹ̀ lé. "I myself saw it" dáa, "I saw it myself" náà dáa, "Myself saw it" kò sí níbì kankan. Ẹ̀bi "Myself and Tunde will come" gan-an nìyẹn, kò sí "I" kankan níbẹ̀ tí "myself" ń tẹnu mọ́. "Èmi àti Túndé" tiwa ló bí i, èmi ló ń ṣáájú lédè wa, Gẹ̀ẹ́sì sì ní kí ẹlòmíì ṣáájú, "Tunde and I will come".

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, "-self" ló yẹ kó wà tí a ò fi síbẹ̀. A máa ń ní a lọ sí páátì, a gbádùn gan-an, a wá ń sọ pé "We really enjoyed". "Enjoy" Gẹ̀ẹ́sì kì í dá rìn, tí o kò bá dárúkọ ohun tó o gbádùn, "ourselves" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. "Avail" náà bẹ́ẹ̀, "She availed herself of the opportunity", àti "absent" tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "He absented himself from the meeting". Tó o bá rí wọn, má ṣe wá "him" tàbí "her" síbẹ̀.

Ó ku ibi tí èmi náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ pé bó ṣe rí nínú ìdánwò ló rí níta. Ti "each other" fún èèyàn méjì, "one another" fún èyí tó ju méjì lọ, ọ̀pọ̀ tíṣà àti ìwé ìdánwò lọ́dọ̀ wa ló dì í mú, àmọ́ àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa kì í sábà tẹ̀ lé e. Bó o bá rí méjèèjì nínú ọ́pṣọ̀n, tẹ̀ lé iye èèyàn, torí ohun tí olùbéèrè máa ní lọ́kàn nìyẹn. "People like myself" àti "as for myself", àgbà òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti lò wọ́n láti ìgbà pípẹ́, mi ò lè pè é ní àṣìṣe fún ẹni tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àmọ́ tí "me" bá wà nínú ọ́pṣọ̀n, "me" ni kó o mú, kò sí ẹni tó máa bá ẹ jà lórí ẹ̀. Èyí tó le jù ni "Everybody must take care of ___". "Everybody" ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe ẹnì kan, "everybody is", ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àtijọ́ fi ní "himself". Lóde òní "themselves" ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ni èdè náà, ó sì wà nínú ìwé wọn. Olùbéèrè tó mọṣẹ́ ẹ̀ kò ní kó méjèèjì sínú ọ́pṣọ̀n kan náà, bó bá ṣèèṣì kó wọn, "himself" ni mo máa ń ní kí wọ́n mú nínú ìdánwò wa, tó bá sì jẹ́ pé "themselves" nìkan ló wà pẹ̀lú "theirselves", "themself" àti "them", mú "themselves" láìwẹ̀yìn.